Bí ẹ ṣe lè forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, kí ẹ sì yí orúkọ bàbá sí ti ọkọ láìsí wàhálà

Bí ìyàwó tuntun bá kọ́kọ́ gba báńkì lọ láti yí orúkọ bàbá rẹ̀ sí ti ọkọ, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì á ní kó kọ́kọ́ lọ tún NIN rẹ̀ ṣe. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò NIN, wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Bó bá wá jẹ́ ìwé ìbùkún tí ṣọ́ọ̀ṣì fún un nìkan ló mú dání, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà. Èyí ló fà á tí mo fi fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àṣìṣe tó bá wà nínú ìwé àkọ́kọ́ ló máa ń tẹ̀ lé èèyàn dé ìdí gbogbo ìwé yòókù.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ̀kan kí n tó tẹ̀ síwájú. Kò sí òfin Nàìjíríà tó sọ ọ́ di dandan fún obìnrin láti jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lọ kò rú òfin kankan, ìgbéyàwó rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn. Kí tọkọtaya jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí i. Ẹni tó bá ti pinnu láti yí i padà ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwé wo gan-an ni wọ́n ń béèrè?

Lára wa, ìgbéyàwó lè ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ìdáná lọ́dọ̀ ẹbí, ìbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì ní mọ́ṣáláṣí, àti ti kóòtù. Ìdáná àti yìgì jẹ́ ìgbéyàwó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ àṣà àti ẹ̀sìn. Ẹ lè forúkọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kóòtù ìbílẹ̀ kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí báńkì, iléeṣẹ́ ìwé ìrìnnà àti àwọn ilé aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn máa ń gbà láìjanpata ni èyí tó jáde lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, tí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ń fún èèyàn. Òun ni mo máa gbájú mọ́.

Ẹni tó ń gbé ní ìgboro Àkúrẹ́ á lọ sí sẹkitéríátì Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, ẹni tó wà ní ìlú Oǹdó á lọ sí ti Ìwọ̀ Oòrùn Oǹdó. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni pé kí ó kéré tán ọ̀kan nínú yín ti gbé ní àgbègbè ọ́fíìsì náà fún ọjọ́ 15 kí wọ́n tó fún yín ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, bí ọkọ bá ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí ìyàwó sì ń gbé ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́ ṣì tọ́ fún yín.

Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí dání, ìwé ìdánimọ̀, àti fọ́tò pélébé. Ẹni tó ti ṣègbéyàwó rí tó sì ti kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù á mú ìdájọ́ ìkẹyìn tó tú u ká wá. Opó á mú ìwé ẹ̀rí ikú. Bí ọkọ bá ti fẹ́ ẹlòmíràn ní ìlànà ìbílẹ̀, tí obìnrin yẹn ṣì wà nílé, kò lè bá ẹ̀yin ṣe ti kóòtù, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin yìí. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì yìí kan náà lẹ jọ ṣe ìdáná tẹ́lẹ̀, kò ní wàhálà kankan.

Ẹ ka ọjọ́ dáadáa

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ ò lè dé ọ́fíìsì lónìí kí wọ́n so yín pọ̀ lọ́la. Ọ̀kan nínú yín máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìfilọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń tọ́jú ìfilọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21 kí gbogbo ayé lè rí i. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹni tó bá ní ìdí tó fi yẹ kí ìgbéyàwó náà má wáyé lè wá kọ àtakò rẹ̀ sínú ìwé náà. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́, akọ̀wé ìgbéyàwó ò lè dá a yanjú fúnra rẹ̀. Adájọ́ kóòtù gíga ni yóò gbọ́ ọ. Bí kò bá sí àtakò, wọ́n á fún yín ní ìwé àṣẹ lẹ́yìn ọjọ́ 21.

Ìkejì tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí ni pé ìfilọ̀ náà máa ń kú. Láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ ni ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wáyé. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni ìgbéyàwó. Ẹni tó bá fi ìfilọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, torí ó fẹ́ tètè kúrò nínú rẹ̀, ti ṣe é láìtíì tó àkókò: ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ni ìfilọ̀ rẹ̀ á kú, ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì ku ọjọ́ 11. Ẹni tó bá sì dúró di ìparí oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 21 ò ní pé fún un. Ní tèmi, ọjọ́ tó dáa jù ni àárín oṣù Kẹwàá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 21 yóò pé ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ẹ á sì ní àyè títí di ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2027. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láàárín, kò ní ba ìgbéyàwó yín jẹ́.

Bó bá jẹ́ ní ọ́fíìsì wọn lẹ ti máa ṣe é, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òfin yàn, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Bó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun méjì lẹ máa béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ yín kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè: ṣé ìjọba ti fún ilé ìjọsìn yìí ní àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, ṣé òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí òfin mọ̀. Ojú kò tini láti béèrè é. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ kì í bínú sí i, wọ́n á kàn fi ìwé rẹ̀ hàn yín ni. Bí kò bá ní, ẹ ṣe ti kóòtù ní ọjọ́ iṣẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ wá gba ìbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń fọwọ́ síwèé

Kí ìyàwó fi orúkọ bàbá rẹ̀ fọwọ́ síwèé. Inú dídùn ọjọ́ náà lè mú kéèyàn kọ orúkọ ọkọ, pàápàá bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ bàbá rẹ̀ ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé náà ni yóò di afárá láàárín orúkọ àtijọ́ àti tuntun, orúkọ àtijọ́ sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí NIN.

Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ẹ rọra kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ, ọjọ́, orúkọ bàbá ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ayàwòrán lé yín. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ lè tún un ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá délé kí ẹ tó rí i, ìrìn-àjò mìíràn ni.

Ìwé méjì ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí. Ọ̀kan jẹ́ tiyín. Bó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ gbọ́dọ̀ fi èkejì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbéyàwó láàárín ọjọ́ méje. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì náà, kí ẹ béèrè bóyá ó ti dé, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ máa mú kiri. Ojúlówó á máa wà nílé.

Ẹ mú orúkọ kan ṣoṣo

Kí ẹ tó fọwọ́ kan NIN, ẹ jókòó nílé, kí ẹ kọ orúkọ tuntun náà sórí ìwé bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà títí láé. Ká fi orúkọ àpẹẹrẹ ṣe é. Títílayọ̀ Morẹ́nikẹ́ Ògúnlọ́lá fẹ́ ọmọ Akínmádé. Ó lè di Akínmádé Títílayọ̀ Morẹ́nikẹ́. Ó lè fi dáàṣì so méjèèjì pọ̀, kó máa jẹ́ Ògúnlọ́lá-Akínmádé. Ó sì lè fi Ògúnlọ́lá sípò orúkọ àárín, kó gbé Morẹ́nikẹ́ kúrò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó fi dáàṣì so pọ̀ ló máa ń fa ìjà jù lọ, torí ibì kan á kọ dáàṣì, ibì kan á fi àlàfo sí i, ibì kan á so ó pọ̀ láìsí nǹkan kan. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn orúkọ bàbá, ẹ fi sí àárín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó wà lórí NIN àti BVN yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ tẹ *346# láti rí nọ́ńbà NIN, kí ẹ sì tẹ *565*0# láti rí BVN, méjèèjì láti orí nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló máa fi hàn, nítorí náà ẹ wo ìwé NIN yín, kí ẹ sì ní kí báńkì sọ orúkọ tó wà lórí BVN fún yín lẹ́tà sí lẹ́tà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa bá a pé NIN kọ Titilayo, BVN kọ Oluwatitilayo. Nígbà tí ẹ jẹ́ ọmọge, báńkì lè má tíì bá yín jà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá yí orúkọ ìdílé lórí rẹ̀ láìtún ti àkọ́kọ́ ṣe, ìyàtọ̀ náà di méjì, ó sì nira láti jẹ́rìí sí i pé ẹnì kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìbúra tí ẹ fẹ́ ṣe yìí sọ nípa méjèèjì.

Ìwé ìbúra àti ìwé ìròyìn

Ẹ gba kóòtù gíga ìpínlẹ̀ lọ, ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, kí ẹ búra níwájú òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra. Àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ fún wọn pátápátá. Kí ó ní orúkọ àtijọ́, orúkọ tuntun, ọjọ́ àti ibi tí ìgbéyàwó ti wáyé, àti gbólóhùn pé gbogbo ìwé tó ní orúkọ àtijọ́ ṣì jẹ́ tiyín. Ti Títílayọ̀ á tún ní gbólóhùn kan sí i: pé Titilayo àti Oluwatitilayo, ẹnì kan náà ni.

Ẹ gba ẹ̀dà tó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìkéde ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn kan. The Hope wà ní Àkúrẹ́ níbí, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Àwọn ìwé ìròyìn tó ń káàkiri orílẹ̀-èdè náà sì ní aṣojú nílùú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín ṣáájú bóyá wọ́n ń gba ti ìpínlẹ̀ tàbí èyí tó káàkiri nìkan, kí ẹ má baà sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tọ́jú odindi ojú ewé tó jáde náà, pẹ̀lú ibi tí ọjọ́ àti orúkọ ìwé ìròyìn wà. Ẹ̀bù kékeré tí wọ́n gé jáde nìkan ò tó.

NIN ló ṣáájú

NIN ni ìyá. Báńkì ń fi í wé BVN, ojú òpó ìwé ìrìnnà ń fa orúkọ yín jáde láti inú rẹ̀, síìmù yín sì so mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè lọ sí ọ́fíìsì NIMC, tàbí kí ẹ ṣe é fúnra yín lórí selfservicemodification.nimc.gov.ng. Ní ọdún 2025, ₦2,000 ni wọ́n ń gbà fún àtúnṣe orúkọ, nígbà tí ti ọjọ́ ìbí jẹ́ ₦28,574. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá béèrè owó gọbọi lọ́wọ́ yín fún orúkọ nìkan, ẹ bi í léèrè ohun tó ń san gan-an. Bí ẹ bá ní kí ẹlòmíràn bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ó jẹ́ nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tiyín ló máa lò. Ẹni tó bá fi ímeèlì tirẹ̀ ṣe é ló ń mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́, ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Bí wọ́n bá ní ó ti yí, ẹ má gbà á lẹ́nu wọn nìkan. Ẹ tẹ ìwé NIN tuntun jáde, kí ẹ wo o. Bí orúkọ àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ dúró. Bí ẹ bá lọ báńkì nígbà yẹn, wọ́n á wo NIN yín, wọ́n á rí orúkọ bàbá, wọ́n á sì ní ẹ̀yin lẹ ò tíì ṣetán.

BVN, lẹ́yìn náà àkáǹtì kọ̀ọ̀kan

Àárín ìgbà tí NIN ti yí tí BVN ò tíì yí ni mo máa ń bẹ̀rù jù fún èèyàn. Orúkọ méjì ni báńkì ń rí lákòókò yẹn, àkáǹtì sì lè há. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù ń wọlé tàbí tí ẹ fẹ́ san owó ilé. Ẹ fa owó oúnjẹ àti ọkọ̀ jáde kí ẹ tó lọ.

Ẹ lọ sí báńkì tí ẹ ń lò jù pẹ̀lú ìwé NIN tuntun, ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra àti ìwé ìròyìn. Ẹ ní ẹ fẹ́ tún orúkọ BVN ṣe, ẹ má kàn ní ẹ fẹ́ yí orúkọ àkáǹtì. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àkáǹtì nìkan lè yí kí BVN má yí, àkáǹtì náà á wá há mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kí ẹ gba ẹ̀rí pé wọ́n ti fi ìbéèrè náà ránṣẹ́.

Bí BVN bá ti yí, ẹ lọ sí gbogbo báńkì yòókù tí ẹ ní àkáǹtì sí, ìkan lẹ́yìn ìkan. BVN ò ní yí orúkọ àkáǹtì wọn fún yín. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń san owó oṣù yín, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà kan náà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ yí orúkọ yín lórí ìwé owó oṣù nígbà tí àkáǹtì ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá, owó náà lè padà sẹ́yìn. Ẹ fi tó iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín náà létí. Wọ́n tún máa béèrè fún NIN.

Ìwé ìrìnnà àti àwọn yòókù

Ìwé ìrìnnà kì í ṣe kánjúkánjú. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣì ní ọdún méjì, bí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú bá wà nínú rẹ̀, tàbí bí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà mu. Àwọn tó ń fi orúkọ ọkọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ìwé ìrìnnà tó yí ló ń há sí pápákọ̀ òfuurufú. Bó bá tó àkókò, passport.immigration.gov.ng lẹ máa gbà, kí ẹ sì lọ ya fọ́tò àti ìka ní ọ́fíìsì Àkúrẹ́. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ti ojú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni ti ojú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá. Owó yẹn tó ohun tó yẹ kéèyàn dúró dè kí ti àtijọ́ fi parí.

Ìwé àṣẹ awakọ̀ lè dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tún un gbà. Káàdì ìdìbò, ìgbà tí INEC bá ṣí ìforúkọsílẹ̀ nìkan lẹ lè yí i, kì í ṣe ìgbàkígbà. Títí dìgbà náà, orúkọ bàbá lẹ fi máa dìbò.

Ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. WAEC àti yunifásítì ò ní tìtorí ìgbéyàwó kọ orúkọ tuntun fún yín. Orúkọ tí ẹ fi ṣe ìdánwò ló máa wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mọ́ wọn, kí ìwé ìbúra sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tí ẹnì kan gba owó rẹ̀ pé òun á bá a yí ìwé ẹ̀rí WAEC padà sí orúkọ ọkọ. Ohun tó gbà padà jẹ́ ayédèrú, nígbà tí ojúlówó rẹ̀ wà nílé tí kò ní àbùkù kankan.